Ọjọ́bọ̀ tí ìfarahàn wa já lulẹ̀

Aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí fóònù mi dún. Kóòdù tí mo kọ láti máa ṣọ́ ìkànnì wa ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí Telegram: `Ojobo 11/9: 12100. Aarin: 19300.` Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ìgbà 12,100 péré ni ojú ìwé wa fara hàn nínú èsì ìwákiri Google, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó máa ń tó 19,300 lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Àyà mi já.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń ṣe ìkànnì náà n'Íbàdàn. Ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá ló pọ̀ jù níbẹ̀, apá kan sì jẹ́ ti oúnjẹ: ìkọ́kọrẹ́, gbẹ̀gìrì, ẹ̀kuru àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ̀wé, èmi ni mo ń bójú tó ẹ̀rọ. Google ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń kà wá ń gbà wọlé, owó ìpolówó díẹ̀ tó ń tibẹ̀ wá la sì fi ń san owó sáfà. Bí Google bá gbàgbé wa, àwa àti àwọn mọ̀lẹ́bí wa nìkan la ó máa ka ohun tí a kọ.

Kí n ṣàlàyé bí kóòdù yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Google Search Console máa ń fún ẹni tó ni ìkànnì ní iye mẹ́ta pàtàkì lójoojúmọ́. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí ìkànnì rẹ̀ fara hàn nínú èsì. Impressions ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìfarahàn ni èmi ń pè é. Èkejì ni iye ìgbà tí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ wọlé, ìyẹn Clicks. Ẹ̀kẹta ni ipò tí a wà nínú èsì bí a bá pín in dọ́gba. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, `cron` á jí kóòdù mi, á lọ bá Search Console, á sì gba iye ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mi ò kì í gba ti àná, nítorí pé iye tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í tíì pé, ó sì lè máa pọ̀ sí i fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àkókò ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́: nínú oṣù Kẹsàn-án, aago mẹ́jọ àárọ̀ tiwa ni ọjọ́ tuntun tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá mọ èyí á máa rí àjálù tí kò sí lóòórọ̀ kùtù.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń fi wé Ọjọ́bọ̀, Àìkú ni mo máa ń fi wé Àìkú, torí bí àwọn èèyàn ṣe ń wá nǹkan lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ṣe ń wá a lọ́jọ́ ìsinmi. Mo kó irú ọjọ́ kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú, mo to iye wọn láti orí èyí tó kéré dé èyí tó pọ̀, mo sì mú àárín wọn. Bí a bá fi àárín ṣe ìdíwọ̀n, ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ ìlú ṣàdédé gbé wa sókè kò ní ba gbogbo ìṣirò jẹ́.

```python
tele = [iye[ojo - timedelta(days=7 * k)] for k in (1, 2, 3, 4)]
aarin = median(tele)
if iye[ojo] < 0.65 * aarin:
    ranse(ojo, iye[ojo], aarin)
```

0.65 yẹn kò ti inú ìwé kankan wá. Mo kọ́kọ́ fi 0.8 sí i, ó ń pariwo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí mo fi dẹ́kun àtimáa ka iṣẹ́ tó ń rán. Ìgbà tí mo sọ ọ́ di 0.65 ló dákẹ́. Nítorí náà, nígbà tó dún lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kí n tó parí àlàyé ló ti dá mi lóhùn.

"Ìwẹ̀nùmọ́ tí wọ́n ń ṣe yẹn ló ti kàn wá. Mo ti ń sọ fún ẹ pé àwọn àkọlé wa gùn jù. Jẹ́ kí n tún gbogbo wọn kọ lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó já."

"Ìwọ ṣáà yára."

Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfìfo. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ni Google ti ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n kan tó dojú kọ àwọn ìkànnì ayédèrú, ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sì tó parí rẹ̀. Àárín gbùngbùn rẹ̀ la wà nígbà yẹn. Bí nǹkan bá sì bà jẹ́ nígbà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, òun ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọjọ́ nìkan ni ẹ̀rí tí a ní, ọjọ́ kan sì lè bá ohun mẹ́fà mu.

Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo kọ gbogbo ohun tó lè fà á síbẹ̀ kí n tó tún ṣí Search Console. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ohun tó yẹ kí n rí bó bá jẹ́ pé òun ni. Bí mo bá kọ́kọ́ wo iye tán kí n tó ronú, gbogbo iye tí mo bá rí ló máa jọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Bí iye ni kò tíì pé, tí mo bá tún un gbà, ó yẹ kó pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé àwa fúnra wa la ti ilẹ̀kùn mọ́ Google, bóyá nínú `robots.txt` tàbí nípa `noindex` tó ṣèèṣì bọ́ sórí ojú ìwé, ìfarahàn á já, àwọn tó ń tẹ̀ wá wọlé náà á já, fóònù àti kọ̀ǹpútà á sì jọ jẹ nínú rẹ̀, nítorí inú àkójọ kan ṣoṣo ni Google ti ń mú èsì fún àwọn méjèèjì. Bí ìyà ni Google dìídì fi jẹ wá, ìwé á wà fún wa lábẹ́ Manual actions. Bó bá jẹ́ ìmúdójúìwọ̀n tí ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀rù, ipò wa á rẹlẹ̀, àwọn tó ń wọlé á sì dín kù. Ti àkókò ọdún náà wà níbẹ̀, torí oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń wọlé padà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọ: bóyá kò sí ohun tó ṣe wá rárá, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kà á ló yí padà.

Mo tún iye náà gbà. 12,100 náà ni. Mo ṣí Manual actions, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí mo wo àwọn tó tẹ̀ wá wọlé ni ara mi kọ́kọ́ silẹ̀ díẹ̀: 412 ni Ọjọ́bọ̀ yẹn, àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú sì jẹ́ 405. Àkọsílẹ̀ tó wà lórí sáfà tiwa, tí kò gba ọ̀dọ̀ Google wá, sọ ohun kan náà. Kò sí èèyàn kankan tó lọ. Àwọn tó rí wa ló dà bí ẹni pé wọ́n dín kù, àmọ́ iye àwọn tó wọlé kò yí padà.

Mo wá pín in sí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ti fóònù, 8,900 ni, ó sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 9,050. Ti kọ̀ǹpútà ti kúrò ní 10,100, ó ti di 3,100. Mo jókòó, mo tẹjú mọ́ iye kejì yẹn. Ta ló ń fi kọ̀ǹpútà wá ìtumọ̀ orúkọ ọmọ nígbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóòjọ́? Àwọn tó ń kà wá, inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, tàbí wọ́n ń múra ìkómọjáde, fóònù ló sì wà lọ́wọ́ wọn. Nínú àwọn 405 tó máa ń wọlé, kò tó 50 tó ń ti orí kọ̀ǹpútà wá. Láti ìgbà tí a ti ní ìkànnì náà ni 10,100 yẹn ti wà níwájú mi, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé àwọn wo ni.

Ipò ló wá dáhùn. Ipò wa, tó jẹ́ 31 tẹ́lẹ̀, ti di 17. Ní ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rò pé Google lé wa dànù, ìwé Google ń sọ pé a gòkè ní ìlọ́po. Ìyà tàbí ìmúdójúìwọ̀n kan kì í ti èèyàn sókè kó tún fi ìfarahàn rẹ̀ ṣòfò lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi bó bá jẹ́ pé àwọn ìfarahàn ìsàlẹ̀ pátápátá ló pòórá. Ẹ jẹ́ ká fi ojú ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ó fara hàn nígbà 100 ní ipò 6 fún ọ̀rọ̀ kan, tó sì tún fara hàn nígbà 100 ní ipò 80 fún ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí a bá pín in dọ́gba, ipò 43 ni wọ́n máa kọ fún un. Bí 100 ti ipò 80 bá lọ, ipò 6 ló kù. Ojú ìwé náà kò sì ṣí kúrò níbi tó wà.

Mo gba iye ọ̀rọ̀ ìwákiri kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Iye yìí kì í pé, torí Google máa ń fi àwọn ọ̀rọ̀ tí èèyàn díẹ̀ péré wá pamọ́, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ kì í bá iye gbogbo gbòò mu. Ó tó fún ohun tí mo ń wá. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti wà láàárín ipò 1 sí 10, irú bí "itumo oruko ayodele" (àwọn tó ń wá a kì í fi àmì sí i), kò yẹ̀ rárá. Àwọn tí a ti wà ní ipò 40, 60, 90 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá lórí kọ̀ǹpútà.

Ta ló máa ń dé ipò 90? Ojú ewé kẹsàn-án ni, kò sì sí ẹni tó ń wá ìtumọ̀ orúkọ tó máa rìn débẹ̀. Róbọ́ọ̀tì ni. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ta iṣẹ́ mímọ ipò tí ìkànnì wà, róbọ́ọ̀tì wọn ló sì ń bá wọn wá a lórí Google bíi kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n má baà ṣí ojú ewé mẹ́wàá, wọ́n máa ń fi `&num=100` sí ẹ̀yìn àdírẹ́ẹ̀sì ìwákiri, Google á sì kó èsì 100 sójú kan. Bí èsì bá sì ti wà lórí ojú ewé tó ṣí, Google ti kà á ní ìfarahàn, ì báà jẹ́ pé kò sẹ́ni tó yí i sísàlẹ̀ débẹ̀. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: gbogbo ìgbà tí róbọ́ọ̀tì kan bá wá "itumo oruko", àwa tí a wà ní ipò 87 gba ìfarahàn kan.

Mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà mi fúnra mi:

```
https://www.google.com/search?q=itumo+oruko&num=100
```

Ojú ewé náà ṣí. Mo fi ìka kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mẹ́wàá ni. Mo tún un ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn, mẹ́wàá náà ni. `&num=100` kò ṣiṣẹ́ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí wọn: ìfarahàn orí kọ̀ǹpútà já, ipò gòkè, àwọn tó ń wọlé dúró síbi tí wọ́n wà. Google sọ lẹ́yìn náà pé lílo àṣẹ yẹn kì í ṣe ohun tí àwọn fọwọ́ sí ní pàtó. Ní tèmi, ó wù mí bẹ́ẹ̀. Iye tó kù lẹ́yìn rẹ̀ sún mọ́ èèyàn gidi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, mi ò lè búra pé ìmúdójúìwọ̀n yẹn kò kàn wá rárá. Ohun tí mo lè sọ ni pé bó bá kàn wá, kò hàn nínú iye àwọn tó wọlé, kò sì lè ṣàlàyé ìdí tí kọ̀ǹpútà fi já tí fóònù kò já. Àlàyé kejì ṣàlàyé ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan: ìfarahàn, ẹ̀rọ, ipò, àti àwọn tó wọlé. Bí mo ṣe gbé e lé ìwọ̀n nìyẹn.

Ohun tó tún bà mí lẹ́rù lẹ́yìn náà ni pé kóòdù mi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ó dún fún Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 11, ó dún fún ọjọ́ 18, kò sì dún fún ọjọ́ 25. Kò sí ohun tó gòkè padà o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń ṣe ìdíwọ̀n ni Ọjọ́bọ̀ tuntun méjì ti wọnú rẹ̀, àárín wọn sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 15,500, nítorí náà 12,100 kò jọ àjálù lójú rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé àìsàn gidi ló ṣe wá, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ì bá fi kígbe kó tó gbà pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Mo ti máa ń rò pé bí kò bá dún, ara ti yá. Báyìí, bó bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ́dọ̀ máa dún títí èmi fúnra mi á fi kọ ìdí rẹ̀ sínú fáìlì kan. Mo sì fa ìlà sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án nínú àkọsílẹ̀ wa: a kò gbọdọ̀ fi ìfarahàn tó wà ṣáájú ìlà yẹn wé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ bí ọdún yìí ṣe rí sí ti èṣí, àwọn tó wọlé nìkan la lè lò.

Mo tún pín àyẹ̀wò náà. Tẹ́lẹ̀, iye kan fún gbogbo ìkànnì ló ń wò. Mo jẹ́ kó máa wo ìfarahàn àti ìwọlé pọ̀, fóònù lọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀, apá orúkọ lọ́tọ̀, apá oúnjẹ lọ́tọ̀. Nínú oṣù Kọkànlá ni mo rí èrè rẹ̀. A pààrọ̀ ìrísí ìkànnì náà, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ dé fún apá oúnjẹ nìkan. Lọ́tẹ̀ yìí, ìfarahàn àti ìwọlé ló jọ ń lọ sílẹ̀, lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Kò sì já lóòjọ́ kan. Ó ń jò díẹ̀díẹ̀ bí ìkòkò tó sán: ìwọlé 90, 71, 44. Mo wo orí ojú ìwé gbẹ̀gìrì, mo sì rí i níbẹ̀:

```html
<meta name="robots" content="noindex">
```

Ẹni tó ṣe ìrísí tuntun náà ti fi sínú àwòṣe apá oúnjẹ nígbà tó ṣì ń dán an wò, èmi ni mo sì gbà á wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí tó fi ń jò díẹ̀díẹ̀ ni pé Google kì í bẹ gbogbo ojú ìwé wò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojú ìwé tó bá tún padà kà ló máa rí `noindex`, òun nìkan ló sì máa yọ. Apá oúnjẹ kò ju ìdá márùn-ún kan nínú gbogbo ìkànnì lọ. Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá pòórá, iye gbogbo gbòò kò ní já dé ibi tí àyẹ̀wò àtijọ́ á fi dún. Mo yọ ìlà náà kúrò, mo bẹ Google nínú Search Console kó tún wá wo àwọn ojú ìwé tó ṣe pàtàkì jù. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ kí wọ́n tó padà sí ààyè wọn.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú oṣù Kẹsàn-án yẹn, kí n tó pe ẹ̀gbọ́n mi padà lọ́sàn-án láti sọ ohun tí mo rí, wọ́n ti yí àkọlé mọ́kànlá padà. Wọn kò lè jókòó máa wòran, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ìkànnì náà ló fà á. Méje nínú mọ́kànlá yẹn pàdánù díẹ̀ lára àwọn tó ń wọlé sí wọn kí oṣù Kẹwàá tó parí. Ó lè jẹ́ àkọlé tuntun, ó lè jẹ́ ìmúdójúìwọ̀n Google, torí àkókò kan náà ni méjèèjì ṣẹlẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. A ti dá àkọlé àtijọ́ padà sórí mẹ́ta nínú wọn, a fi mẹ́rin yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, a sì ń ka Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin.